Ẹ̀jẹ̀ Dá, Ẹ̀jẹ̀ Dì: Èdè Ìtọ́jú Ojú Eyín Tí Wọ́n Yọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Yorùbá ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ojú egbò, èyí ni “dá” àti “dì”, àwọn méjèèjì kò sì jọra. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò ṣàn mọ́. Bí wọ́n bá ní ó ti dì, wọ́n ń wí pé ó ti ki, ó sì ti ṣù pọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè ti dá kí èyí tó dì sínú ihò eyín náà má tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹni tó bá sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìtọ́jú jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó ń bo egungun àti iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ihò náà, inú rẹ̀ sì ni ẹran tuntun ti ń hù. Kí ó lè dì dáadáa, dókítà eyín máa ń fi òwú sí ojú ibẹ̀, aláìsàn a sì dé eyín mọ́ ọn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìyọ ọ́ wò lóòrèkóòrè. Bí itọ́ bá pọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń ṣàn lẹ́yìn tí aláìsàn ti tún fi òwú mìíràn tẹ ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó yẹ kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà.

Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ohunkóhun tó bá ń fa nǹkan nínú ẹnu lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Nítorí náà, aláìsàn kò gbọdọ̀ fi omi yọ ẹnu, kò gbọdọ̀ máa tutọ́ kíkankíkan, kò gbọdọ̀ fi sítírọ̀ mu ohun mímu, kò sì gbọdọ̀ mu ọtí. Sìgá ní tirẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ó jìnnà sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ kejì ni omi iyọ̀ tó kàn, ìyẹn ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan. A kì í yọ ẹnu ṣàkàṣàkà pẹ̀lú rẹ̀. Ńṣe ni aláìsàn máa gbà á sẹ́nu, tí yóò gbé orí sọ́tùn-ún sósì, tí yóò sì jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tó rọ̀ tí kò sì gbóná, bí ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àmàlà tó ti tutù, ni ó yẹ kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ. Kí ó fi ẹ̀pà, gúgúrú àti ata sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ kẹta, “gbẹ”, ni ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Ìròyìn ayọ̀ ni “egbò ti gbẹ” láàárín Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ihò eyín bá gbẹ, ewu ni, torí pé ẹ̀jẹ̀ dídì ti kúrò, egungun sì ti wà ní gbangba.

Ká mú un pé wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ fún obìnrin kan lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ibẹ̀ ń ro ó, àmọ́ oògùn ìrora ń ká a. Èyí kò yà á lẹ́nu. Lọ́jọ́bọ̀, dípò kí ìrora náà dínkù, ńṣe ló ń sọ kíkankíkan, ó ń ta dé etí, oògùn kò sì ká a mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń rùn, ó ń korò, nígbà tó sì fi iná wò ó nínú dígí, ihò náà ṣófo, egungun sì hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Àmì ihò gbígbẹ nìyẹn. Ìbòrí funfun tí kò mú ìrora tó ń le sí i dání kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Egbò tó ń hu ẹran ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ha á.

Oògùn apakòkòrò nìkan kọ́ ni yóò wo ihò gbígbẹ. Dókítà yóò fọ ihò náà, yóò sì fi oògùn tó ń pa ìrora dì í. Òróró kànáfùrù máa ń wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ibà, ọyún tàbí wíwú tó ń pọ̀ sí i bá wà, kòkòrò ti wọ ibẹ̀, kí aláìsàn sì lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí náà, bí ẹni tí wọ́n yọ eyín fún bá fẹ́ jábọ̀ fún dókítà, kí ó má kàn sọ pé “ó ti gbẹ”. Kí ó sọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í le, ibi tó ń ta dé, àti bóyá ihò náà ṣófo.