Ọmọ Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Òṣìṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti gba fírídọ̀ọ̀mù, tí ẹ gbé máṣíìnì kalẹ̀ sẹ́bàá títì, ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí aránṣọ mìíràn fi ń darúgbó nídìí iṣẹ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò bó ṣe wà. Aránṣọ kan wà ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, tí mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ dá yín lóhùn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí kò rán mi níṣẹ́.

Abẹ́ agboòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́táfíláì ẹlẹ́sẹ̀ kan, àga kan àti áyọ́ọ̀nù eléèédú ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Àtúnṣe ló ń ṣe jù nígbà náà: yóò fún ṣòkòtò, yóò pààrọ̀ síìpù, yóò ká etí yẹ̀rì. Owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san án, òun ló sì fi ń dá àjọ. Inú àjọ ni máṣíìnì kejì ti jáde. Nígbà tó fi máa kó sínú ìsọ̀ oníyàrá kan, ó ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì rò pé ó ti di ọ̀gá ńlá.

Kò tíì dà á. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ aránṣọ ń há sí. Ọmọ iṣẹ́ sanwó láti kọ́ṣẹ́ ni. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni yóò lò. Ní ọdún kìíní, òwú ló ń dì sí bọ́bìnnì, aṣọ ló sì ń bàjẹ́. Tó bá di ọdún kejì, ó lè rán bùbá, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ yóò máa wọ́. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá gún, tó lè so apá aṣọ mọ́ èjìká láìsí pé ó sún jọ, ìgbà náà ni àwọn òbí rẹ̀ yóò gbé kúlà wá fún fírídọ̀ọ̀mù, ó di ó dàbọ̀. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lórí, ọwọ́ tó dára jù nínú ìsọ̀ ló ń sọ nù, yóò sì tún padà sórí kíkọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Aránṣọ yìí rí i. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí èyí tó mọṣẹ́ jù nínú wọn gba fírídọ̀ọ̀mù, ó pè é jókòó. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o fẹ́ ní ìsọ̀ tìẹ. Máṣíìnì ńkọ́?" Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá mi, mi ò tíì ní, mà." Ó ní, "Ó dáa. Dúró tì mí. Iye aṣọ tó o bá rán ni n ó fi máa sanwó fún ọ ní gbogbo alẹ́ Sátidé, bí oníbàárà san, bí kò san."

Ẹ gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Òṣìṣẹ́ tí ẹ bá ní kó dúró dìgbà tí ìyá ìyàwó bá wá gba aṣọ kò ní pẹ́ bá ẹlòmíràn lọ. Ibo wá ni owó Sátidé yóò ti wá? Láti ọjọ́ náà ló ti ń gba ìdajì owó kó tó fi téèpù kan ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ₦10,000 ni owó ìránṣọ síkẹ́ẹ̀tì àti bùláòsì. Yọ ₦1,500 fún òwú, láínì, sítéè àti síìpù. Yọ ₦1,000 fún epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ìsọ̀. Bí òun nìkan bá rán an, ₦7,500 ló kù sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni yóò rán lóòjọ́, nítorí òun náà ni yóò wọn oníbàárà, tí yóò gé aṣọ, tí yóò sì máa bẹ ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tíì tán. Bó bá san ₦3,500 fún ẹni tó rán an, ₦4,000 ló kù lórí ẹyọ kan. Àmọ́ òṣìṣẹ́ méjì tí kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe ju kí wọ́n rán èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ lè parí mẹ́rin lóòjọ́, ìyẹn ₦16,000. Bí iṣẹ́ kò bá sì wọlé, kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó oṣù.

Ó fi máṣíìnì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Òun ló ń gé gbogbo aṣọ. Ilẹ̀ ló ti ń gé e tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ní kí káfíńtà kan tábìlì gíga fún òun, pákó kò kúkú wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìwọ̀n tó máa ń há sórí tẹ́lẹ̀ di kíkọ sínú ìwé: orúkọ, ọjọ́, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn, apá. Ó ń fi pín-ìn-nì kan ègé aṣọ náà mọ́ ojú ìwé ọ̀hún kí aṣọ ẹnìkan má bàa di ti ẹlòmíràn.

Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ tó ń ta kókó rẹ̀ sínú ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Bí ojú rírán bá ṣí nígbà tí ọ̀gá fà á, kókó yẹn yóò sọ ẹni tó rán an, onítọ̀hún yóò tú u, yóò sì tún un rán láìgbowó. Ṣùgbọ́n bí ojú rírán bá dán mọ́rán, tí bùláòsì sì ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹni tó wọ̀ ọ́, gígé ló fà á: wọn kò tẹ́ aṣọ náà tọ́ kí wọ́n tó gé e. Ìyẹn, ọ̀gá ló ni ín. Ó ti ra ańkárá dípò rí lójú gbogbo wọn, kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ìsọ̀ náà di ilé iṣẹ́.

Ọ̀ràn Ojúde Ọba ló wá dán an wò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde, regbéregbé kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́ dá yàtọ̀. Ẹgbẹ́ kan kó ọgọ́ta aṣọ wá, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti di mẹ́ta, ẹni kọ̀ọ̀kan ń rán méjì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀: méjìléláàádọ́rin ni gbogbo agbára wọn. Ọgbọ̀n aṣọ ti wà nínú ìwé ṣáájú. Ó ní ogójì lòun lè gbà. Inú ìyálóde ẹgbẹ́ náà kò dùn. Ọ̀gá wá gé ọgọ́ta náà fúnra rẹ̀ kí ọrùn gbogbo wọn lè bára mu, ó kó ogún fún aránṣọ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ní Òjówó, ó sì san iye kan náà fún un lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jáde kó tó di Iléyá.

Ìgbà tí ọdún bá lọ tán ni kò tíì rí ojútùú sí. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Àgó-Ìwòyè ń mú aṣọ wá, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé ni. Ó ti ń gbìyànjú aṣọ rírán sílẹ̀, irú èyí tí Ṣadé Thomas-Fahm sọ di iṣẹ́ ní Èkó lẹ́yìn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ní 1960. Àwọn kan tà, àwọn mìíràn ṣì wà lórí háńgà, torí bó ṣe gé wọn ṣe rẹ́gí fún ara òun nìkan.

Ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ tó kù díẹ̀ kó gba fírídọ̀ọ̀mù nínú yín, kó mú ìwé àti bírò lọ́sẹ̀ yìí, kó ṣírò iye tó lè san lórí aṣọ kan, kó sì pe ọmọ náà jókòó kí òbí rẹ̀ tó ra kúlà.