Kú ọjọ́ mẹ́ta

Kétu ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Ilé wọn kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Oṣù méje ni n kò fi dé ibẹ̀. Ojú ń tì mí.

Ìyá mi ní: «Lọ kí i. Ìkíni ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.»

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọ̀rẹ́ mi: «Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.»

Mo kí ọ̀rẹ́ mi: «Kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ṣé àlàáfíà ni?»

Ó ní: «Àlàáfíà ni.» Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó ń wò.

N kò sọ pé: «Ìwọ náà kò wá.» Mo ní: «Èmi ni mo jẹ̀bi. Má bínú.»

Ó ní: «Ẹsẹ̀ mi kán. Mo ń retí rẹ.»

Mo ní: «Pẹ̀lẹ́. Ṣé ó ti san?»

Ó na ẹsẹ̀ náà hàn mí. Ó ní: «Ó ti san. Jókòó, ká ta ayò.»

Ẹ kíyè sí i: Bí ó tilẹ̀ pé oṣù méje, «ọjọ́ mẹ́ta» ni a ń wí. A kì í ka oṣù nínú ìkíni yìí. «Kú» ni fún ẹgbẹ́ ẹni, «ẹ kú» ni fún àgbà.

Ìbéèrè: Ta ni ọmọ náà kọ́kọ́ kí? Kí ni kò sọ?