Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀gá

Ìdòwú ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Àjàṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí Kétu. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù rẹ̀:

«Ọ̀gá, báwo ni? Mo ti kúrò ní Kétu. Mo rí màmá ẹ lọ́jà. Ó ní kí n gbé aṣọ mẹ́fà wá fún ẹ, kí o sì fún àbúrò mi ní 3,000 sẹ́fà. Ó ń bọ̀ lọ́la. Dúró dè mí.»

Bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí a tún un kọ fún ọ̀gá.

Ẹ kọ́kọ́ wo «màmá ẹ» àti «fún ẹ». Ẹ má ṣe rò pé «ẹ» yìí ti jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Nínú «màmá ẹ», «rẹ» ni a gé kúrú. Nínú «fún ẹ», «ọ» ni. Ẹnì kan tí kò jù wá lọ ni à ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Fún àgbà, a ó kọ «màmá yín» àti «fún yín».

«Kí o» yóò di «kí ẹ». «Dúró» yóò di «ẹ dúró». Ṣùgbọ́n «mo» kò yí padà, nítorí ẹnikẹ́ni kì í bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀.

«Ó» ni ó le jù. «Ó ní» àkọ́kọ́ jẹ́ ti màmá ọ̀gá, nítorí náà yóò di «wọ́n ní». Ta ni ó «ń bọ̀ lọ́la»? Bí ó bá jẹ́ àbúrò Ìdòwú, «ó» dára bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ màmá, «ó» kò dára. Bí a bá sì kọ «wọ́n», ọ̀gá lè rò pé àwọn méjèèjì ni. A bi Ìdòwú léèrè. Ó ní màmá ni. A ó dárúkọ wọn, kí ọ̀gá má baà ṣètò fún ẹni tí kò ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rèé:

«Ẹ kú ọ̀sán, ọ̀gá. Mo ti kúrò ní Kétu. Mo rí màmá yín ní ọjà. Wọ́n ní kí n gbé aṣọ mẹ́fà wá fún yín, kí ẹ sì fún àbúrò mi ní 3,000 sẹ́fà. Màmá ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí.»

Aṣọ ṣì jẹ́ mẹ́fà, owó kò sì yí padà.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìdí tí «màmá ẹ» kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀?
2. Tún èyí kọ fún ọ̀gá: «Bàbá ẹ wá síbí. Ó ní o gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ẹ. Má bínú, mi ò rí i.»
3. Nínú ìbéèrè kejì, «i» wo ni a ń tọ́ka sí? Ṣé ó yẹ kí ó yí padà?