Báńkì Lu Ilé Alájà ní Gbàǹjo: Ṣé Ọjọ́ Ti Pé?

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi kọ́ bí òfin ṣe ń bá ẹni tó fi ilé dógò lò. Àròsọ ni, àmọ́ irú rẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìdánwò.

Ní 10 Jánúárì 2012, Alájà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Sheikh Gumi ní Kaduna yá ogún mílíọ̀nù náírà lọ́wọ́ báńkì. Ó fi ilé rẹ̀ tó wà ní Barnawa dógò, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìdógò olóǹtẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Gómìnà buwọ́ lu ìdógò ọ̀hún ní 2 Máàṣì. Ìwé sọ pé owó náà yóò pé ní 10 Júláì, àti pé èlé yóò máa wọlé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Alájà san mílíọ̀nù márùn-ún kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, èlé nìkan ló ń san, nígbà tó sì di ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà, kò san kọ́bọ̀ mọ́. Ní 5 Nòfẹ́ńbà, báńkì kọ̀wé sí i pé kó wá san gbogbo gbèsè rẹ̀. Ní 20 Dìsẹ́ńbà, wọ́n lu ilé náà ní gbàǹjo fún àjèjì kan ní mílíọ̀nù méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń díwọ̀n iye ilé ti sọ pé ó tó mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ kejì gbàǹjo ni àbúrò Alájà gbé mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún dé láti Zaria, iye tí gbèsè àti èlé jẹ́ gan-an.

Alájà gbé báńkì lọ sílé ẹjọ́. Ó ní ìyọ̀ǹda gómìnà pẹ́ kó tó dé, pé oṣù mẹ́ta kò tíì pé lórí ìwé tí báńkì kọ, pé owó ilé ti kéré jù, àti pé òun ti mú owó wá kí wọ́n tó yí ìwé ilé padà. Ẹ gbà á nímọ̀ràn.

Orí ìyọ̀ǹda ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí bí ìdógò fúnra rẹ̀ kò bá dúró, ọ̀rọ̀ gbàǹjo ti tán. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ní abala 22, sọ pé ẹni tí gómìnà fún ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í dógò láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 26 ní ohun tó bá lòdì sí òfin náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wọ́gi lé ìdógò tí kò ní ìyọ̀ǹda, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó yá owó ló ń fi àìsí ìyọ̀ǹda náà jà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn báńkì wọra, kò sì yà mí lẹ́nu. Àmọ́ ti Alájà yàtọ̀. Ìyọ̀ǹda wà, ẹ̀yìn ìfọwọ́sí ló dé. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé òfin kò ka àdéhùn léèwọ̀ kí ìyọ̀ǹda tó dé; àdéhùn náà kàn ń dúró de ìyọ̀ǹda ni kó tó lè ṣiṣẹ́. Láti 2 Máàṣì, ìdógò Barnawa ti múlẹ̀. Ká tilẹ̀ ní kò múlẹ̀, ilé ni ìbá bọ́ lọ́wọ́ báńkì. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn Alájà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ló kàn. Àwọn tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ á sáré mú òfin Ìwọ̀-Oòrùn ti 1959 lórí ohun ìní. Òfin yẹn kò dé Kaduna. Ohun tó wà níbẹ̀ fún ìdógò bí irú èyí ni Òfin Kọnfeyánsìn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1881. (Kaduna ti ṣe òfin ìdógò tirẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìbéèrè yìí sí 2012.)

Òfin 1881 ya ohun méjì sọ́tọ̀: ìgbà tí ẹ̀tọ́ láti tà dé, àti ìgbà tí ayánilówó lè lò ó. Ẹ̀tọ́ náà dé bí ìdógò bá wà nínú ìwé olóǹtẹ̀ tí ọjọ́ ìsanwó sì kọjá. Ti báńkì wa dé ní 10 Júláì. Ṣùgbọ́n abala 20 kò jẹ́ kó lò ó àfi bí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta bá ṣẹlẹ̀: kí báńkì kọ̀wé béèrè owó kí oṣù mẹ́ta sì kọjá láìsan án, kí èlé kan wà nílẹ̀ fún oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kó wọlé, tàbí kí ajigbèsè rú àdéhùn mìíràn nínú ìwé. Ọ̀kan péré ti tó.

Ẹ wá ka ọjọ́. Oṣù mẹ́ta láti 5 Nòfẹ́ńbà yóò pé ní 5 Fẹ́búárì 2013, nítorí náà òtítọ́ ni Alájà sọ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n èlé Sẹ̀tẹ́ńbà, tó yẹ kó wọlé ní 30 Sẹ̀tẹ́ńbà, ti lo oṣù méjì nílẹ̀ ní 30 Nòfẹ́ńbà. Ẹsẹ̀ kejì yìí ló gba báńkì là. Ẹ tún ṣọ́ra: púpọ̀ nínú ìwé ìdógò báńkì ló máa ń sọ pé abala 20 kò kan àwọn. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, báńkì ìbá ti lè tà láti 10 Júláì. Ẹ ka ìwé ìdógò kí ẹ tó ka òfin.

Ní ti owó tó kéré, báńkì kì í ṣe alágbàtọ́ Alájà; ire tirẹ̀ ló lè kọ́kọ́ wò, bó bá ṣáà ti fi òótọ́ inú tà. Nínú ẹjọ́ Okonkwo àti báńkì CCB, ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dúró lórí pé owó kékeré nìkan kò tó láti ba títà jẹ́, àfi bí jìbìtì tàbí àjọgbìmọ̀ bá wà níbẹ̀. Àjèjì ló ra ilé yìí, ní gbàǹjo ìta gbangba. Ká ní ìyàwó máníjà báńkì ni, ìtàn á yí padà, mílíọ̀nù mẹ́fà tó fi dín náà á sì di ẹ̀rí pàtàkì.

Àbúrò láti Zaria ló káni lára jù. Alájà lè ra ilé rẹ̀ padà nígbàkigbà kí báńkì tó ṣe àdéhùn títà tó múlẹ̀. Bí òòlù gbàǹjo ṣe ró ní 20 Dìsẹ́ńbà, ẹ̀tọ́ yẹn ti kú, ì báà jẹ́ pé ìwé ilé kò tíì kúrò lọ́wọ́ báńkì.

Kí ló wá kù fún un? Nínú mílíọ̀nù méjìdínlógún, ká sọ pé ìnáwó gbàǹjo gba ọ̀kan, gbèsè àti èlé gba mẹ́rìndínlógún. Mílíọ̀nù kan tó kù, ti Alájà ni, báńkì kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá gbé gbàǹjo náà padà sí 25 Nòfẹ́ńbà, kí ẹ sì dáhùn lákọ̀tun. Oṣù mẹ́ta kò pé, oṣù méjì èlé náà kò pé, nítorí náà báńkì kánjú. Síbẹ̀, abala 21 dáàbò bo olùrà tí kò mọ̀ pé ọjọ́ kò tíì pé: ilé di tirẹ̀, owó ìtanràn ni Alájà lè gbà lọ́wọ́ báńkì.