Èló ni Gíráàmù Wúrà Kan?

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù wúrà ní Èkó, tó ní, "Gíráàmù mélòó ni?", ìwọ̀n ẹrù ló ń béèrè. Bó bá ní, "Èló ni gíráàmù kan?", owó ló fẹ́ gbọ́. Ìbéèrè kejì yìí gba ìṣirò, nítorí dọ́là ni ọjà àgbáyé fi ń dá iye lé wúrà, áúnsì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Áúnsì wo? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Áúnsì tróì ni ti wúrà, gíráàmù 31.1035 ló sì jẹ́. Áúnsì tí a ń rí lára páálí oúnjẹ kò ju gíráàmù 28.35 lọ.

Kí á mú un pé áúnsì kan jẹ́ 3,000 dọ́là, tí ọlọ́jà sì ń ra dọ́là kan ní 1,500 náírà. Yóò fi 31.1035 pín 3,000. Dọ́là 96.45 ló máa jáde. Tó bá fi 1,500 sọ ọ́ di púpọ̀, gíráàmù kan di nǹkan bí 144,680 náírà.

Ti wúrà tí kò ní àdàlù rárá nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní káráàtì 24. Òrùka tí wọ́n lu 750 sí lára jẹ́ káráàtì 18: ìdá 18 nínú 24 rẹ̀ ni wúrà, irin mìíràn ni ìyókù. Nítorí náà, gíráàmù tirẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 108,500. Òrùka gíráàmù 5 yóò gba 542,500 náírà fún wúrà inú rẹ̀ nìkan. Owó iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti èrè ọlọ́jà kò tíì sí níbẹ̀. Ìdí rèé tí "ojúlówó ni" kò fi tó ìdáhùn. Ojúlówó ni káráàtì 18, ojúlówó ni 24, ṣùgbọ́n iye wọn kò dọ́gba.

Ẹni tó fi 28.35 pín yóò pe gíráàmù káráàtì 24 ní nǹkan bí 158,730. Bó bá ń tà, ọjà rẹ̀ yóò wọ́n ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Bó bá ń ra àlòkù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, òun ni yóò pàdánù. Ọ̀nà tó máa fi mọ̀ kò le: kí ó dá ìṣirò náà padà. Kí ó fi 1,500 pín 158,730, kí ó wá fi 31.1035 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá rí nǹkan bí 3,291 dọ́là dípò 3,000, áúnsì oúnjẹ ló fi wọn wúrà.