Kí Ẹ Tó Kọ̀wé Béèrè Iṣẹ́ Yẹn, Ẹ Wádìí Owó Ìfẹ̀yìntì Wọn

Akáǹtì ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Abẹ́òkúta, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Owó oṣù mi kò pọ̀, àmọ́ kì í pẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo rí ìpolówó iṣẹ́ ọ̀gá akáǹtì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń pín oúnjẹ inú páálí káàkiri. Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tèmi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo rí ìpolówó iṣẹ́ yìí kan náà lọ́dún tó kọjá, mo sì rí i lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn. Lórí Glassdoor, àwọn kan ń yìn wọ́n, àwọn kan ní kí èèyàn má débẹ̀. Àbúrò mi ní kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìṣòro, ó ní Nestlé gan-an pàdánù owó. Mo jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní gbèsè, tí mo bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gbọ́dọ̀ san án tán lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ti Ìkẹjà sì fẹ́ orúkọ onídùúró méjì mọ́ ìwé ìbéèrè iṣẹ́. Ṣé kí n kọ̀wé, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó lọ bá àwọn onídùúró. Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé fún yín ti fi orúkọ ara rẹ̀ dógò. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá dàrú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbèsè alájẹṣẹ́kù tí ẹ sáré san kò ní padà wá, àga yín ní ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò sì ti ní oníjòókòó tuntun. Ìwádìí tó yẹ kí àwọn ẹlòmíì ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà wọ́n síṣẹ́, ìsinsìnyí ló yẹ kí ẹ̀yin ṣe é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpolówó tó ń padà wá yẹn. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ń gbòòrò, ó sì lè jẹ́ pé èèyàn kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wọ LinkedIn, ẹ ṣí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ wá àwọn tó ti di ipò náà mú rí. Tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti gòkè di ọ̀gá àgbà nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀ dára. Tí ẹ bá sì rí ẹni mẹ́ta tó ti ṣe é láàrin ọdún mẹ́ta, tí gbogbo wọn ti kúrò, ẹ dúró wò ó dáadáa.

Ẹ má ṣe ka iye àwọn tó lọ nìkan. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn èèyàn ti ń jápa, kò sí ọ́fíìsì kan tó gbámúṣé nílùú Èkó tí kò tíì pàdánù òṣìṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin, tó wá lọ kàwé ní Mánísẹ́tà, kò fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ àti àwọn olùtajà náà kì í pẹ́ níbì kan, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá ni ẹni tí kò lo ọdún kan pé, tó kúrò ní Ìkẹjà lọ sí Ọ̀rẹ́gùn tàbí Ìlúpéjú, sí ipò kan náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lọ wá ayé mìíràn, ó kàn ń sá fún nǹkan. Tó bá sì jẹ́ pé yàrá akáǹtì ni ìjáde náà pọ̀ sí, ó wúwo lójú mi ju ogún awakọ̀ tó lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rí iye tó kù ní báǹkì, àwọn ló sì ń mọ̀ bóyá owó oṣù tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò sí lórí LinkedIn, àwọn kan kì í sì í yí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò. Nítorí náà, ẹ má gbára lé iye orí, ẹ wo irú ẹni tó lọ àti ibi tó gbà lọ.

Ní ti Glassdoor, ẹ fi ìràwọ̀ sílẹ̀, ẹ wo ọjọ́. Tí ìyìn mẹ́wàá bá jáde láàrin ọ̀sẹ̀ kan, tí gbogbo wọn kúrú, tí wọ́n sì jọra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá ló ní kí wọ́n lọ kọ ọ́. Ẹ̀sùn náà ní tirẹ̀: ẹni tí wọ́n lé lè máa fi ìbínú sọ̀rọ̀. “Ọ̀gá burú” kò kọ́ yín ní nǹkan kan. Àmọ́ tí òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí bá kọ pé owó oṣù pẹ́, tí olùtajà kan tún kọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, tí ẹni kẹta tún mẹ́nu kàn án ní ọdún kejì, àwọn tí kò mọ ara wọn ń sọ ohun kan náà nìyẹn, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó kù síbì kan. Lóòótọ́ ni Nestlé Nigeria kéde àdánù tó tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 79.5 náírà ní ọdún 2023, àdánù ọdún 2024 sì ju bílíọ̀nù 164 lọ. Ẹni tó ka àkọlé ìròyìn nìkan á rò pé ó ti tán. Àmọ́ nínú ìwé ìṣirò ọdún 2023 kan náà, ọjà tí wọ́n tà ju bílíọ̀nù 540 lọ. Kí wọ́n tó yọ èlé orí gbèsè àti àdánù orí owó òkèèrè, èrè orí iṣẹ́ gan-an ju bílíọ̀nù 120 lọ. Àwọn èèyàn ṣì ń ra Maggi àti Milo. Gbèsè dọ́là ló gbá wọn mú: ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà lọ́jà ìjọba sì ti kọjá 900 kí ọdún tó parí. Ní ọdún 2025, wọ́n padà sí èrè. Ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń lọ, àmọ́ tí gbèsè òkèèrè bù ú jẹ, yàtọ̀ pátápátá sí ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ gan-an kò mú èrè wá.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ọ̀fẹ́ ni ìwé ìṣirò wọn wà lórí ìkànnì ọjà ìpín-ìdókòwò, NGX. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá gbólóhùn yìí nínú rẹ̀: `material uncertainty`. Tó bá jẹ́ ọ́dítọ̀ ló kọ ọ́ sínú ìròyìn tirẹ̀, lábẹ́ àkọlé tó dá dúró, ohun tó ń sọ ni pé iyèméjì wà bóyá ilé-iṣẹ́ náà á lè máa bá iṣẹ́ lọ. Gbólóhùn tó fara jọ ọ́, `going concern`, kò gbọ́dọ̀ já yín láyà, torí pé àwọn olùdarí a máa kọ ọ́ lọ́dọọdún kódà tí ara wọn bá dá.

Ilé-iṣẹ́ ti Ìkẹjà kò sí lórí ọjà ìpín-ìdókòwò, kò sì sí ẹni tó máa kó ìwé ìṣirò rẹ̀ fún yín. Owó ìfẹ̀yìntì ni ẹ máa fi wo inú àpò wọn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, kí gbogbo rẹ̀ sì ti dé láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n sanwó oṣù. Nígbà tí owó bá ń wọ́n ilé-iṣẹ́, owó yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró. Tí owó oṣù bá pẹ́, gbogbo ọ́fíìsì á pariwo. Tí owó ìfẹ̀yìntì bá pẹ́, ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọgọ́ta òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, tí owó tí wọ́n ń fi ṣírò ìfẹ̀yìntì ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250,000 náírà lóṣù. Ìdá 8 jẹ́ 20,000, ìdá 10 jẹ́ 25,000. Lórí ọgọ́ta èèyàn, mílíọ̀nù 2.7 ni lóṣù. Tí wọn kò bá san án fún oṣù méje, ó ti di mílíọ̀nù 18.9, láìtíì ka owó ìtanràn tí òfin là kalẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 2 lóṣooṣù. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe èyí ń yá owó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìsọ fún wọn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe ọ̀gá akáǹtì, ọrùn yín ni gbèsè náà máa bọ́ sí ní oṣù àkọ́kọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó kúrò níbẹ̀ láàrin ọdún kan sẹ́yìn. Ẹni tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rù á máa bà á. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ibẹ̀ dára?” Ẹ kí wọn, kí ẹ sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, owó oṣù tí ẹ gbà kẹ́yìn, ọjọ́ wo ló wọlé? Álẹ́ẹ̀tì owó ìfẹ̀yìntì yín tó dé kẹ́yìn, owó oṣù èwo ló wà fún?” Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tí owó bá wọlé, nítorí náà ìdáhùn wà lórí fóònù wọn. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ní tòun kò dé, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n kọ ṣì. Tí ti àwọn mẹ́ta bá dúró ní oṣù kan náà, kì í ṣe àṣìṣe mọ́.

PenCom náà máa ń gbé orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó gba ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì jáde. Tí orúkọ wọn bá wà níbẹ̀, ó dára. Tí kò bá sí, kò tíì dá wọn lẹ́bi, torí pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba ló sábà máa ń lọ gbà á. Ẹ lè sanwó díẹ̀ fún CAC kí wọ́n fún yín ní ìwé tó fi àwọn olùdarí hàn, àti bóyá wọ́n ti fi dúkìá dógò fún báǹkì. Àmọ́ fífi dúkìá dógò nìkan kò burú, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń gbà yá owó nìyẹn.

Ìdáhùn mi rèé, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì kọ̀wé, ẹ má sì tíì lọ bá onídùúró kankan. Ẹ fún ara yín ní ọ̀sẹ̀ méjì láti bá àwọn tó kúrò níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí owó ìfẹ̀yìntì wọn bá ń dé déédéé, tí ọ̀gá akáǹtì tó lọ sì jẹ́ pé ìlú òyìnbó ló gbà lọ, ẹ kọ̀wé lọ́gán. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti dá a dúró, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, ìlọ́po méjì owó oṣù tí wọ́n kọ sínú ìpolówó kò ní dé ọwọ́ yín.