Ìdágbére fún Akọ̀wé Ìjọ, àti Ẹ̀kọ́ tí ó Wà Nínú Àpótí Ìwé



Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni Bàbá Akọ̀wé ìjọ wa fi kọ́kọ́rọ́ àpótí irin lé Fíkà lọ́wọ́, lẹ́yìn ọdún 27 tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí a má ṣe tẹ orúkọ wọn sínú ìwé yìí, a sì gbọ́ sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ dárúkọ wọn, ó yẹ kí a sọ iṣẹ́ wọn. Nítorí gbogbo wa ni ó mọ̀ pé àwọn ni ó ń ka ìkéde fún wa ní ọjọ́ Ìsinmi, díẹ̀ nínú wa ni ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí ìwé wòlíì Jeremáyà, orí 32. Nígbà tí ogun Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù, wòlíì náà ra oko kan ní Ánátótì lọ́wọ́ Hánámẹ́ẹ̀lì, ọmọ arákùnrin baba rẹ̀, ní ṣékélì fàdákà 17. A fi èdìdì di ìwé kan, a sì fi èkejì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bárúkù akọ̀wé ni a sì fi méjèèjì lé lọ́wọ́, kí ó kó wọn sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé tí a ṣí sílẹ̀ wà fún kíkà, èyí tí a dì sì wà fún ẹ̀rí. Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan èkíní láti yí i padà, èkejì yóò bá a wí. Iṣẹ́ Bárúkù yìí gan-an ni iṣẹ́ akọ̀wé ìjọ: kí ohun tí a kọ lè ṣeé kà, kí ó lè pẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì lè yí i padà ní ìkọ̀kọ̀.

Nínú àpótí irin wa, ìwé mẹ́ta ni ó ṣe kókó: Ìwé Ìsàmì, Ìwé Ìgbéyàwó àti Ìwé Ìsìnkú. Ètò tí ó wà nínú Ìwé Ìsàmì jọ èyí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún àwọn ìjọ ibẹ̀ ní ọdún 1812: ọjọ́ tí a sàmì fún ọmọ, orúkọ ọmọ náà, orúkọ baba àti ìyá rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ tí baba ń ṣe, àti orúkọ àlùfáà tí ó ṣe ìsìn náà. Àwọn tí ó ṣáájú wa fi orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ ọmọ kún un ní etí ìwé. Ẹni tí ó bá ń wo ìwé yìí ní ìwò ojú lásán lè sọ pé kí ni a ń fi iṣẹ́ baba ṣe nínú ìwé ìsàmì. Ìdáhùn rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Bàbá Akọ̀wé ní òfin mẹ́ta tí wọn kò yẹ̀. Èkíní, ọjọ́ tí a ṣe ìsìn náà gan-an ni wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó tó di pé ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ sí ẹnu. Èkejì, tàdáwà dúdú ni wọn yóò lò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ ti ń ṣá lójú wa. Ẹ̀kẹta, bí àṣìṣe bá wọlé, wọn kì í họ ọ́, wọn kì í sì í fi ọ̀dà funfun bò ó. Ìlà kan ṣoṣo ni wọn yóò fà já a, kí ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ lè ṣeé kà síbẹ̀. Wọn yóò kọ èyí tí ó tọ̀nà sí etí ìwé, Fíkà yóò sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe àtúnṣe náà. Ìwé tí a họ kò lè jẹ́rìí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ bóyá àṣìṣe ni a mú kúrò tàbí òtítọ́.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ọ̀ràn kan tí ó fi ìlò àwọn ìwé wọ̀nyí hàn. Ẹni tí ó kàn fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún mi ní ọdún tí ó kọjá, ó sì ní kí n sọ ọ́ fún ìjọ, bí n kò bá ti dárúkọ òun.

Òfin ọdún 1992 ni ó wà lónìí lórí fífi ìbí ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bí ṣáájú àkókò náà kò ní ìwé kankan tí ó jẹ́rìí sí ọjọ́ orí wọn, bí kò ṣe ìwé ìsàmì. Ní ọdún 2016, arákùnrin kan tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tọ Bàbá Akọ̀wé wá. Ó ti wọ iṣẹ́ ní ọdún 1993, ọdún 1964 ni a sì kọ sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí. Òfin iṣẹ́ náà ni pé kí ènìyàn fẹ̀yìntì nígbà tí ó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí nígbà tí ó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú. Nípa èyí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá lè sọ pé ọdún 1968 ni a bí i, yóò dúró di ọdún 2028. Ọmọ rẹ̀ méjì ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀rù sì ń bà á.

Kò bẹ Bàbá Akọ̀wé pé kí wọ́n kọ irọ́. Ohun tí ó sọ ni pé orúkọ òun wà nínú Ìwé Ìsàmì ti ọdún 1968, kí wọ́n sáà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún òun. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i, orúkọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́: Sámúẹ́lì, pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀. Akọ̀wé mìíràn ì bá ti kọ ọ́ fún un, kí ó sì lu òǹtẹ̀. Àwọn tiwa sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí kò ní sí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n yẹ ìwé wò sẹ́yìn, wọ́n sì rí Sámúẹ́lì mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, tí a sàmì fún ní ọmọ ọwọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, ọdún 1964. Níhìn-ín ni iṣẹ́ baba ti wúlò. Àgbẹ̀ ni baba ti ọdún 1964. Aránṣọ ni baba ti ọdún 1968. Orúkọ ìyá wọn yàtọ̀, àwọn onígbọ̀wọ́ wọn sì yàtọ̀. Ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn ọmọ méjèèjì, tí a sọ ní orúkọ baba-ńlá kan náà. Bàbá Akọ̀wé kò tíì dúró níbẹ̀. Wọ́n ṣí Ìwé Ìsìnkú, wọ́n sì bá Sámúẹ́lì kejì ní ọdún 1970, ọmọ ọdún méjì, ọmọ aránṣọ.

Nígbà tí arákùnrin náà dé, Bàbá Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí iwájú rẹ̀, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Ó kà wọ́n. Ó ní òun ti gbàgbé ọmọ náà pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà tí ó kú. Nígbà náà ni Bàbá sọ fún un pé, “Ọmọ mi, ilé ọmọ yìí kò ní ohun mìíràn tí ó kù nípa rẹ̀ láyé ju ìlà méjì yìí lọ. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.” Arákùnrin náà sunkún, ó sì lọ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́, àfi Fíkà ti àkókò náà, tí ó yẹ kí ó gbọ́. Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 2024 láìsí ẹ̀sùn kankan ní ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá ní kí ẹ bá ẹnìkan wá ìwé rẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó. Ẹ fi orúkọ ìyá, iṣẹ́ baba àti onígbọ̀wọ́ wé ara wọn, kí ẹ sì wo Ìwé Ìsìnkú. Bákan náà, ọjọ́ ìsàmì kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ohun tí ìwé lè sọ ni pé a ti bí ọmọ náà kí ọjọ́ yẹn tó dé. Bí a kò bá kọ ọjọ́ ìbí sí etí ìwé, akọ̀wé kò ní àṣẹ láti méfò rẹ̀. Bí ìlà náà ti rí ni kí a dà á kọ, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀, kí a fi ojú ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí Fíkà sì fọwọ́ sí i.

Nípa lẹ́tà, ohun kan ni mo fẹ́ kí a rántí. Gbogbo lẹ́tà tí ó bá jáde ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a bá fi ìbínú kọ ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kì í jáde ní ọjọ́ náà. Bàbá Akọ̀wé á fi í sábẹ́ Bíbélì di òwúrọ̀, wọn á sì mú un padà lọ bá alága pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un kà.” Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú, ìpinnu ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú ẹni tí ó dá a lábàá àti ẹni tí ó kín in lẹ́yìn, wọn kì í kọ èébú. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa fi lè ka ìwé ìpàdé ọdún 27, kí wọ́n mọ ohun tí a ṣe, láìmọ ẹni tí ó bú baba wọn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, akọ̀wé tuntun jókòó tì wọ́n, wọ́n sì ka ìwé inú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: iye ìwé, ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ó parí, ojú ìwé tí ó ti ya. Wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, àwọn méjèèjì àti Fíkà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n fi hàn án pé orí òkúta ni kí àpótí náà máa wà nítorí ikán àti ọ̀rinrin, kí ó má sì ṣe fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ìwé tí ó ya, nítorí bí ó bá pẹ́, á pọ́n, á sì ba ìwé jẹ́. Nípa àwọn ọ̀ràn tí kò sí nínú ìwé kankan, akọ̀wé tuntun béèrè pé ta ni yóò sọ wọ́n fún òun. Bàbá Akọ̀wé ní, “Àwọn yẹn kì í ṣe ẹrù àpótí. Èmi ni yóò gbé wọn lọ.”

Bàbá wa, kí Olúwa tí ó ní Ìwé Ìyè lọ́wọ́ fi ìsinmi rere fún yín, kí ó sì jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Àmín.